Re, mi, dò, mi, mi

Ìgbéyàwó àbúrò mi n'Íbàdàn lánàá dùn, àmọ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó tó wá láti Mánṣẹ́sítà ló mú mi rẹ́rìn-ín jù. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá ìyàwó fúnra òun. Mo ní kó sọ pé “Ẹ kú ìnáwó.”

Mo pín in sẹ́yìn káàdì ìpè: Ẹ, kú, ì, ná, wó. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ hàn án bí ohùn ṣe ń lọ: “Ẹ” láàárín, “kú” lókè, “ì” nílẹ̀, “ná” àti “wó” lókè. Wàhálà rẹ̀ wà níparí. Bí gbólóhùn bá fẹ́ tán, ohùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa já wálẹ̀, “wó” wá di “wò.” Ó tún ń fi “ù” tẹ̀lé e, bíi “wó-ù.” Mo ní kó gé e kúrú, kó má pa ètè dé.

Nígbà tó mọ gbogbo rẹ̀, mo ní kó má dúró láàárín “kú” àti “ì” mọ́. Àwa gan-an kì í dá “ì” yẹn pè. “Kúùnáwó” là ń wí. Ohùn kàn máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ni, kó tó tún gòkè.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú Màmá: “Ẹ kúùnáwó, Mà!”

“Háà! O ṣé, ọmọ mi. Olúwa á ṣe tìẹ náà. Ṣé wọ́n ti fún ẹ lóúnjẹ?”

Ọ̀rẹ́ ìyàwó bá yíjú sí mi.