Ọmọrí ìkòkò

Sátidé. Ọyẹ́ mú gan-an ní Kúbúwà lónìí, ètè mi ti là kí n tó jí.

Màmá mi tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé omi ìwẹ̀ ọmọ mi kaná. Ọmọ ọdún méje yìí kò yé ṣí ìkòkò wò. Màmá ní, "Ọkọ mi, ìwọ gan-an lo ò jẹ́ kó hó." Ó ní, "Màmá àgbà, ṣebí ìsàlẹ̀ ni iná wà?"

Ni Màmá bá da lítà omi tútù kan sínú ìkòkò míì, ó dé e, ó ní kí n máa wo aago. Ó hó ní ìṣẹ́jú 11. Ó da á sínú garawa, ó fi omi tútù ṣan ìkòkò náà títí ó fi tutù, ó tún da lítà kan sí i, kò dé e. Kò fọwọ́ kan bọ́tìnì gáàsì rárá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí ṣe ìkejì ni, torí irin sitóòfù ti gbóná. Kò fẹ́ ká sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú 15. Ìparí ló ti há: ó ń kùn, ó ń kùn, kò kàn hó ni, èéfín funfun sì ń gba ojú fèrèsé lọ.

"Kì í ṣe èéfín," Màmá ní, "omi ni." Ó dojú ọmọrí àkọ́kọ́ dé òkè, ó fi ẹ̀kán omi tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ han ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó fi omi pa á lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọ pariwo pé ó tutù!

"Omi tó ń gbẹ kúrò lára rẹ ló ń gbé ooru rẹ lọ. Bó ṣe ń ṣe ìkòkò nìyẹn. Tí a bá dé e, omi yẹn á kan ọmọrí, á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, á sì kán padà."

Mo rántí fisíìsì mi: iná tó máa gbẹ omi tán nínú ìkòkò tó ìlọ́po méje èyí tó máa gbé omi tútù yẹn dé ibi tó ti hó. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba omi tó bá fò lọ fi ń jẹ iná tó bẹ́ẹ̀. Tí iná bá le gan-an, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Iná kékeré àti atẹ́gùn gbígbẹ bíi ti ọyẹ́ yìí ló ń fi í hàn. Tí ó bá sì ti hó, ọmọrí ìkòkò lásán kò ní mú kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a dín iná kù ló kù.

Èyí la ò sọ fún ọmọ. Lọ́sàn-án, bí Màmá ṣe ń kírun lọ́wọ́, ọmọ náà rí ẹ̀wà lórí iná, ó dé e pinpin. Fóòmù ẹ̀wà ru sókè, ó ti ọmọrí, ó sì pa iná. Òórùn gáàsì ló gbé mi dé kíṣìnì. Mo pa á, mo ṣí fèrèsé. Ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dádì, ṣé ó ti hó?"