Mẹ́ta ni, kì í ṣe mẹ́jọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára rìsíìtì tó ti ṣá

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà péré ni, ṣùgbọ́n lójú akáùńtáǹtì wa, olè ni mí lọ́jọ́ náà. Iye sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a rà ní Wúsè ni mo kà lórí fọ́tò rìsíìtì ní 1,850 dípò 1,350. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni. Ó tẹ ìka mọ́ fóònù mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti rí mẹ́jọ níbí?" Gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́. Mo ti dá owó náà padà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀yin náà ń ra nǹkan fún ọ́fíìsì.

Rìsíìtì ẹ̀rọ kékeré orí káńtà kì í lo yíǹkì. Ara bébà ni wọ́n ti fi kẹ́míkà pa, ibi tí ooru bá kàn ni yóò dúdú. Ìdí nìyẹn tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sí iwájú mọ́tò nínú oòrùn Àbújá, tí gbogbo bébà á dúdú. Tí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀ sínú nọ́ọ̀lọ̀n tàbí tí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, lẹ́tà á máa parẹ́. Ọ̀rá ọwọ́ àti oje tí a fi ń pa kòkòrò lọ́wọ́ náà ń bà á jẹ́.

Bó bá ti ń ṣá, ìlà tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì 8 á lọ, á dà bí 3. Mo mọ èyí dáadáa, òun ló sì tàn mí jẹ. Mo rí 3, mo ní 8 tó ti sọ ẹ̀gbẹ́ nù ni, mo bá tún un ṣe! Kì í ṣe olè, ọgbọ́n àgbọ́njù ni.

Nítorí náà, ẹ má fi ojú dá nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ ọ́. Rìsíìtì náà nìyí, àmì _ ni ibi tó ti parẹ́, àmì ? sì ni nọ́ńbà tí mo ṣì kà:

```
WAYA      2 x 9,_00    19,600
PAIPU     3 x 4,650    13,950
SOKEETI   6 x 1,?50     8,1_0
GILOOBU   4 x 8_5       _____
SUBTOTAL               45,150
VAT 7.5%             3,386.25
TOTAL               48,536.25
```

Ti wáyà rọrùn: 19,600 pín sí méjì jẹ́ 9,800. Ẹ wo ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ 1,850, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 11,100, nọ́ńbà márùn-ún. Ohun tó wà lápá ọ̀tún sì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8,1. Nítorí náà 1,350 ni, 8,100 sì ni àpapọ̀ rẹ̀. Ó wà níwájú mi, n kò wò ó. Mo kó iye ọjà jọ, mo ro wọ́n pọ̀ fúnra mi, n kò yọjú sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì.

Gílóòbù kò ní àpapọ̀ rárá. Ẹ ro mẹ́ta òkè pọ̀, ó jẹ́ 41,650. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 45,150, ó ku 3,500. Pín in sí mẹ́rin, 875 ni. 8 àti 5 tó hàn bá a mu. Bó bá jẹ́ pé SUBTOTAL ló parẹ́, ẹ pín TOTAL sí 1.075, ó máa gbé 45,150 jáde. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti fi VAT sínú iye ọjà, torí ṣọ́ọ̀bù kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣirò yìí á sì ṣì yín lọ́nà.

Ti fọ́tò fúnra rẹ̀: ẹ tẹ́ bébà pẹrẹsẹ, ẹ lo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ má tan iná fóònù, torí ara bébà ń dán. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò, kó má baà ba ìlà tín-ín-rín jẹ́. Ẹ yọ àwọ̀ kúrò, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, kí dúdú lè yàtọ̀ sí funfun. Ẹ má lo ti funfun-àti-dúdú pátápátá tí áàpù ń ṣe, torí ó ń nu ohun tó rí fẹ́ẹ́rẹ́, òun náà ń sọ 8 di 3.

Bí ẹ bá rí ìlà funfun kan tó gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe pé ó ṣá. Ojú kan lára orí ẹ̀rọ ló ti kú. Gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú òpó yẹn ló pàdánù ibi kan náà, nítorí náà ẹ fi 8 tó dá yín lójú nínú òpó náà wé èyí tó ṣókùnkùn.

Bí iye àti àpapọ̀ bá lọ lórí ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò á fún yín ní owó àwọn méjèèjì lápapọ̀, kò lè pín in. Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tún un tẹ̀. Ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà rìsíìtì ni wọ́n á béèrè, òkè pátápátá ni wọ́n sì wà, níbi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gé kúrò nínú fọ́tò.