Wọn ò gbà mí síṣẹ́: bí mo ṣe béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ wọn

Lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ pé wọn ò mú èèyàn lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í sábà ní ìdí nínú. "Ẹlòmíì ló bá ohun tí a ń wá mu jù," ni wọ́n máa ń kọ, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọn ò mú. Ẹ má fi ṣe ìdájọ́ ara yín. Ó lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé sípò náà, ó lè jẹ́ pé owó tí wọ́n fẹ́ fi san oṣù iṣẹ́ náà ni ò sí mọ́, ó sì lè jẹ́ ìdáhùn kan tí ẹ fún wọn ló fà á.

Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ láti mọ èyí tó fà á nínú wọn ni àkọsílẹ̀ tí mo máa ń ṣe lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà gan-an. Mo ń kọ ìbéèrè tí wọ́n bi mí àti kókó ohun tí mo fi dáhùn. Ibi tí wọ́n bá ti tún ìbéèrè kan bi mí lọ́nà mìíràn ni mo ń sàmì sí jù, torí ó sábà ń fi hàn pé ohun tí wọ́n ń wá ò tíì jáde lẹ́nu mi. Bí èèyàn bá dúró dìgbà tí lẹ́tà dé, ìbànújẹ́ á ti da ìrántí rú.

Iṣẹ́ alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ni mo ń wá nígbà tí mo ń sọ yìí. Ní ìpele ìkẹyìn, ẹni tí ì bá jẹ́ ọ̀gá mi ní kí n sọ ìgbà kan tí ẹrù tó wà nílẹ̀ ò bá iye inú ìwé mu. Mo ṣàlàyé bí a ṣe tún ẹrù kà, bí a ṣe yẹ ìwé ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde wò, títí a fi rí ibi tí wọ́n ti kọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bi mí pé, "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Mo ní ọ̀rọ̀ náà yanjú. Mo sàmì sí ibẹ̀.

Nígbà tí lẹ́tà dé, mo jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kí n tó fèsì, kí ìbínú má baà ta sínú ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó pẹ́ ju ọjọ́ mélòó kan lọ, nígbà tí wọ́n ṣì rántí èèyàn. Obìnrin tó kọ lẹ́tà náà sí mi ni mo fèsì sí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ fi àbájáde tó mi létí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ ìpinnu yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́: nínú ìdáhùn mi lórí ẹrù tí kò bá ìwé mu, kí ni ọ̀gá ì bá fẹ́ gbọ́ tí mi ò sọ? Gbólóhùn kan péré tó mi. Bí ìlànà yín ò bá fàyè gbà á, ó yé mi."

Mi ò béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi mú mi. Ìbéèrè yẹn ń sọ wọ́n di ẹni tó ní láti gbèjà ara wọn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í sì í dáhùn rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ẹjọ́. Ìbéèrè lórí ìdáhùn kan ò nira láti fèsì sí. Mi ò dárúkọ ẹni tí wọ́n mú, mi ò sì fi ìwé ẹ̀rí tuntun kún un.

Èsì wá, ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, ẹni tí wọ́n mú ti lo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ẹrù rí. Èkejì, ọ̀gá gbọ́ bí mo ṣe tún àṣìṣe náà ṣe, àmọ́ kò gbọ́ ohun tí mo ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀.

Mo pààlà sáàárín méjèèjì. Mi ò sáré lọ kọ́ ètò kọ̀ǹpútà náà, torí ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo ti gbọ́ ọ; ká ní mo rí i nínú ìpolówó iṣẹ́ mìíràn ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ti èkejì ni mo mú lò. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹrù ò bá ìwé mu yẹn, a ò dúró de ìparí ọdún mọ́ ká tó ka ẹrù. Apá kan là ń kà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fi èyí parí ìtàn náà nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti bi mí ní ìbéèrè jù.

Nígbà míì, "ìrírí yín ò tó" ni wọ́n máa fi fèsì. Ẹ wo ìpolówó iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá béèrè ọdún 5, tí ẹ sì kọ ọdún 3 sínú ìwé tí ẹ fi wá iṣẹ́, wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó pè yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ní ọdún 5 ló yọjú, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níbẹ̀ ni kò fi ìrírí tí ẹ ní hàn. Àkọsílẹ̀ yín ló máa tọ́ yín sọ́nà.

Bí wọn ò bá fèsì rárá, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá fèsì, ẹ dúpẹ́ láìjiyàn, kódà bí ohun tí wọ́n ní ẹ ò ṣe bá jẹ́ ohun tí ẹ ti ṣe. Mo ti ń ka ẹrù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ọ̀gá yẹn bi mí, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ létí rẹ̀ nìkan ló lè fi díwọ̀n mi.