Ìpele òkùnkùn kì í ṣe iṣẹ́ òru

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra ìdánwò bàólójì, ibi tí mo ti ṣì fotosíńtésíìsì gbọ́ nìyí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ń ka ìwé lálẹ́ ọjọ́ kan, ni mo bá ní:

"Lọ́sàn-án, ewé á gba ìmọ́lẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á wá ṣe súgà. Ìpele òkùnkùn nìyẹn."

"Ta ló ní òru ni? Orúkọ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìpele yẹn kì í gba ìmọ́lẹ̀ sára fúnra rẹ̀. Kí ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe gan-an?"

"Kilorófíìlì inú awọ tailakọ́ìdì ló ń gbà á. Agbára rẹ̀ ló ń fọ́ omi, tí ọ́síjìn fi ń jáde, tí ATP àti NADPH, èròjà méjì tó ń gbé agbára, sì ń wáyé."

"Ta ló wá ń lo ATP àti NADPH yẹn?"

Mo dákẹ́. Ó ya kiloropílásítì sínú ìwé mi, ó sì tọ́ka sí sitírọ́mà, omi tó yí tailakọ́ìdì ká. "Ibí ni ẹ́ńsáìmù Rubisco ti ń so CO2 mọ́ RuBP tó ní kábọ́nì márùn-ún. Á pín sí PGA méjì, kábọ́nì mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. ATP àti NADPH ló ń sọ PGA di súgà kékeré. Nínú mẹ́fà tó bá jáde, márùn-ún á padà lọ di RuBP, ọ̀kan ṣoṣo ni èrè. Ó dáa, pa iná lójijì. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí PGA àti RuBP?"

"Méjèèjì á dínkù."

"Rárá o. Rubisco ṣì ń ṣe PGA fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ATP àti NADPH tí yóò sọ ọ́ di súgà ti tán. PGA á ga sókè. RuBP ń lọ, kò sì sí ATP tí a ó fi ṣe òmíràn, òun ló máa wálẹ̀."

Ohun tí Melvin Calvin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní Berkeley nìyẹn, nígbà tí wọ́n fi ¹⁴C tọpa kábọ́nì nínú àlígì, ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, tí wọ́n sì pa iná mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ CO2 ni wọ́n gé, tí iná ṣì ń tàn, ó yí padà: RuBP á pọ̀, PGA á dínkù. Nítorí náà, tí gíráàfù bá dé iwájú yín, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n gé.

Mi ò tíì gbà tán. "Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńkọ́, tó ń ṣí ihò ewé rẹ̀ lóru?"

"Ó ń gba CO2 lóru lóòótọ́, àmọ́ ó ń fi pa mọ́ bí ásíìdì ni. Ilẹ̀ á mọ́ kí ó tó sọ ọ́ di súgà."