Owó òṣìṣẹ́ ni ìpìlẹ̀: ohun tí mo kọ́ nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú

Bí ẹ bá ń darí ilé iṣẹ́ kékeré, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú ìdarí méjì yìí. Onímọ̀ nípa ìṣèlú kan, James MacGregor Burns, ló yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1978: ìdarí ṣe-é-kí-n-san, tí ọ̀gá ti ń fi owó pààrọ̀ iṣẹ́, àti ìdarí amúnidàgbà, tí ọ̀gá ti ń mú kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ mú iṣẹ́ bíi tara rẹ̀. Lọ́dún 1985, Bernard Bass, tóun náà ń ṣèwádìí nípa ìdarí, ṣàlàyé pé èkejì kì í rọ́pò èkíní, orí rẹ̀ ló ń dúró lé. Mo fojú ara mi rí i nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣe alábòójútó.

Iye bébà tí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ bá tẹ̀ ni ọ̀gá wa fi ń sanwó fún un. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, iṣẹ́ sì ń yá. Àmọ́ ohun tí ẹ bá ń kà nìkan lẹ máa rí gbà. Ìgbà kan, à ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Ọjọ́ Ẹtì ni èèpo ìwé sọ, Ọjọ́bọ̀ ni inú rẹ̀ sọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ rí i, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ tán. Mo bi í léèrè.

"Bọ̀ọ̀dá, mo rí i. Tí mo bá dá ẹ̀rọ dúró, ta ló máa sanwó àkókò yẹn fún mi?"

Òótọ́ ló sọ. A tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀.

Ọ̀gá ò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Owó ló kọ́kọ́ tún ṣe: ẹni tó bá dá ẹ̀rọ dúró nítorí àṣìṣe, owó rẹ̀ ò ní dín. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ náà máa ka bébà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹni tó ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí i. Ó tún bi í pé kí ló wù ú láti mọ̀. Kọ̀ǹpútà ni, nítorí náà wọ́n ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń pè mí pé, "Ẹ wá wò ó, àwọ̀ pupa ti yẹ̀ díẹ̀," lórí iṣẹ́ tí oníbàárà kì bá tí fura sí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà jẹ wá lówó, tí owó Sátidé ń pẹ́, ọ̀gá pe ìpàdé, ó sọ ibi tó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ yẹn kan náà lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìgbà tí ọ̀gá san ìdajì, tó sì dá ọjọ́ tó máa san ìyókù, ló tó padà.

Ẹ dán tiyín wò: ẹ jáde lọ́sàn-án, tí ẹ bá dé, ẹ béèrè ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ẹnu oníbàárà nìkan lẹ ti ń gbọ́ àṣìṣe, ẹ lọ wo bí ẹ ṣe ń sanwó kẹ́ ẹ tó pe ìpàdé kankan.