Rífíù áàpù: àròyé wo ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe?

Bí ẹnì kan bá kó àwòrán méjìlá tó yà lójú fóònù rẹ̀ fún yín, tí rífíù Google Play kún inú gbogbo wọn, tó wá ní kí ẹ sọ ohun tó yẹ kí àwọn tó ń ṣe áàpù náà kọ́kọ́ tún ṣe, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé kí á ka àròyé, kí á sì fi èyí tí àwọn èèyàn sọ jù lọ ṣáájú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kíka orí lásán kò tó. Àròyé tí ẹni mẹ́jọ sọ lè má lé oníbàárà kan lọ, kí èyí tí ẹni mẹ́fà sọ sì máa lé wọn lọ lójoojúmọ́. Ìràwọ̀ àti déètì ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Áàpù tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fúnra mi ṣètò àwọn iye inú rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n irú àròyé tó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń lo áàpù báńkì ní Nàìjíríà.

Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí àwọn àwòrán náà, láti 1 dé 12. Bí èèyàn bá ń fa ojú fóònù sókè, tó ń ya àwòrán, rífíù tó wà nísàlẹ̀ àwòrán kan máa ń tún jáde lókè èyí tó tẹ̀ lé e, nígbà míì ìdajì rẹ̀ nìkan. Nínú àpẹẹrẹ wa, rífíù mẹ́rìndínláàádọ́ta (46) ló hàn, ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú wọn jáde lẹ́ẹ̀mejì. Déètì, iye ìràwọ̀ àti ọ̀rọ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ ni mo fi ń mọ èyí tó jẹ́ àtúnsọ. Ẹ má fi orúkọ ṣe é, nítorí orúkọ kan náà lè jẹ́ ti ẹni púpọ̀, kò sì yẹ kí orúkọ oníbàárà wọ inú ìwé yín rárá. Ẹ̀dà mẹ́fà kúrò, ó ku ogójì (40).

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ya àwòrán kí ẹ tó ka ohunkóhun. Èkíní ni ètò tó fi tò ó. Google Play máa ń to rífíù sí "Most relevant" bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, èyí sì lè gbé àròyé ọdún tó kọjá, tí wọ́n ti tún ṣe tipẹ́, wá síwájú. "Newest" ni kí ó yàn. Lórí App Store, "Most Critical" wà níbẹ̀; bó bá jẹ́ òun ló yàn, oníràwọ̀ kan ni gbogbo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ìṣirò yín ò sì ní nítumọ̀.

Èkejì ni déètì. Bí àwòrán bá kọ 03/04/2025, ṣé ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni àbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta? Ẹ wá déètì míì láti orí fóònù kan náà, tí ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjèèjì ti ju 12 lọ. Ìyẹn á sọ èyí tó jẹ́ ọjọ́. iPhone tiẹ̀ lè kọ "2d ago" tàbí "3w ago" nìkan, èyí tí kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Fáìlì àwòrán fúnra rẹ̀ máa ń gbé ọjọ́ yẹn sínú, àmọ́ WhatsApp máa ń bọ́ ọ dànù bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò. Ẹ ní kí ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi "Document".

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tó gé. Rífíù gígùn máa ń parí sí "…", ó sì lè jẹ́ ibi tó gé yẹn gan-an ni àròyé wà: "Mo fẹ́ràn áàpù yìí tẹ́lẹ̀, ó yá, kò sì nira, ṣùgbọ́n…" Kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó ṣí i tán, kí ó tún àwòrán yà. Bí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ẹ ka ìràwọ̀ rẹ̀, kí ẹ má ṣe fọkàn parí gbólóhùn fún un.

Ẹ má da ti Android pọ̀ mọ́ ti iPhone. Ṣíìtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí ohun tó bá bàjẹ́ níbì kan lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa níbì kejì.

Ó wá kan ṣíìtì. Àròyé kan, ìlà kan. Òpó A ni nọ́ńbà àwòrán, B déètì, C ìràwọ̀, D kóòdù àròyé, E ìpín, F ìràwọ̀ tó sọnù. Bí rífíù kan bá sọ ohun kan ṣoṣo, ìpín rẹ̀ jẹ́ 1. Bó bá sọ méjì, ó gba ìlà méjì, 0.5 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ tó sọnù ni 5 tí a yọ ìràwọ̀ tí oníbàárà fún wọn kúrò nínú rẹ̀, tí a wá fi ìpín sọ di púpọ̀. KODU tó wà nínú fọ́múlà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kóòdù, orúkọ kúkúrú tí mo fún àròyé, tí màá túmọ̀ nísàlẹ̀:

```
F2:  =(5-C2)*E2
     =COUNTIF(D:D,"KODU")
     =SUMIF(D:D,"KODU",F:F)
     =SUM(E:E)
     =SUM(F:F)
```

Ẹ kọ kóòdù láìfi àmì ohùn sí i. Kì í ṣe pé mo kórìíra àmì. Bí kíbọọ̀dù ṣe ń tẹ "Ó" lórí fóònù kan lè yàtọ̀ sí bí ti kọ̀ǹpútà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ojú á rí wọn bákan náà, fọ́múlà sì lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Iye tó kéré ju bó ṣe yẹ lẹ ó máa rí, láìmọ ohun tó fà á.

Ní àpẹẹrẹ wa, OWO ni pé wọ́n yọ owó, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. KODU ni pé kóòdù OTP kò dé tàbí ó pẹ́. SII ni pé áàpù kò ṣí, ó ń pa ara rẹ̀. DUDU ni pé àwọn èèyàn fẹ́ ojú dúdú fún lílò lálẹ́. ASAN ni èébú tí kò sọ ìdí, YIN ni ìyìn, IMIIRAN ni ohun tí ẹnì kan ṣoṣo sọ.

Bí a bá fi orí nìkan kà á, KODU ní mẹ́sàn-án, DUDU mẹ́jọ, OWO méje, SII mẹ́fà. Bí a bá fi ìràwọ̀ tó sọnù kà á, KODU pàdánù 27, OWO 25, SII 22, DUDU 5 péré. Mẹ́rin nínú àwọn tó ń béèrè ojú dúdú ló fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀, wọn ò bínú. ASAN méjì gbé 8 lọ, IMIIRAN gbé 2. Ẹ má pín ti ASAN fún àwọn yòókù, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Kí ẹ tó gba iye wọ̀nyí gbọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. SUM(E:E) gbọ́dọ̀ jẹ́ 40, iye rífíù. Ìràwọ̀ tí gbogbo wọn fún wọn jẹ́ 111. Ogójì rífíù lọ́nà márùn-ún jẹ́ 200. Nítorí náà SUM(F:F) gbọ́dọ̀ jẹ́ 89. Ẹ ro 27, 25, 22, 5, 8 àti 2 pọ̀: 89 ni. Bí kò bá bára mu, rífíù alároyé méjì kan wà tí ẹ fún ní ìpín 1 lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ ti ka ẹ̀dà kan mọ́ ọn.

Fọ́múlà yìí fọ́jú sí ohun kan: àwọn tó ń fún áàpù ní ìràwọ̀ márùn-ún kí àwọn tó ṣe é lè ka àròyé wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, owó mi dà?" pẹ̀lú ìràwọ̀ márùn-ún kò pàdánù nǹkankan nínú ìṣirò. Ẹ fi àwọ̀ kun irú ìlà bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Déètì ló wá yí ipò wọn padà. Ẹ to ṣíìtì nípa òpó B, kí ẹ fa ìlà sí ọjọ́ tí àpúdéètì tó kẹ́yìn jáde. Mẹ́wàá nínú rífíù ogójì ló wá lẹ́yìn rẹ̀. Nínú mẹ́wàá yẹn, SII jẹ́ mẹ́fà, KODU méjì, OWO kan, YIN kan. Nínú ọgbọ̀n tó ṣáájú, SII kò sí rárá. Ìyẹn ni pé àpúdéètì yẹn ló bí i, àwọn tó ń gbà á sì ń pọ̀ sí i. SII ni kí ó ṣáájú bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ẹni tó sọ ọ́ ló kéré jù nínú àwọn àròyé mẹ́rin tó lórúkọ. Bí wọ́n bá ṣì ń pín àpúdéètì náà díẹ̀díẹ̀ lórí Google Play, kí wọ́n dá a dúró lónìí. Dídá dúró kò ní gba tuntun náà kúrò lórí fóònù àwọn tó ti gbà á o. Wọ́n ní láti gbé òmíràn jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ú lọ. Àwọn tó ń ṣe áàpù lè rí irú fóònù àti Android tí áàpù náà ti ń pa ara rẹ̀ nínú Play Console, ohun tí àwòrán yín ò lè sọ fún wọn.

OWO ló tẹ̀ lé e, kì í ṣe KODU. Ìyàtọ̀ 27 sí 25 kò jámọ́ nǹkan, torí ẹnì kan ṣoṣo tó bínú lè mi ìṣirò pẹ̀lú 4. Bí àlàfo bá kéré sí 4, ọgbọọgba ni mo máa ń pè wọ́n, mo sì máa ń wo ohun tó sọnù lọ́wọ́ oníbàárà. Owó tó sọnù ju kóòdù tó pẹ́.

Ẹ tún KODU kà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí àròyé tó ní orúkọ kan lè ní ìdí mẹ́ta. Ẹni tí kóòdù rẹ̀ dé lẹ́yìn tí àkókò kóòdù náà ti kọjá yàtọ̀ sí ẹni tí kò rí i rárá. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kò ní rí SMS tó bá gba ọ̀nà ìpolówó wọlé. Bí iléeṣẹ́ tó ń fi kóòdù ránṣẹ́ bá ń gba ọ̀nà yẹn, kò sí ohun tí títún áàpù kọ máa ṣe sí i. Rífíù tó ní ìlà méjì nínú àpẹẹrẹ wa náà yẹ kí a kà dáadáa: oníbàárà ní kóòdù pẹ́, òun tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣeé ṣe kí KODU máa bí díẹ̀ nínú OWO. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìbéèrè fún wọn, kì í ṣe bí ìdáhùn.

Ẹ má lọ sọ fún ọ̀gá pé áàpù náà jẹ́ 2.8 nítorí pé 111 sí ọ̀nà 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ ìràwọ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹni tí inú bá sì ń bí ló sábà máa ń kọ̀wé. Google Play tún máa ń fún ìràwọ̀ àìpẹ́ ní agbára ju ti àtijọ́ lọ, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Nínú ìjábọ̀ yín, àròyé, iye ẹni, ìràwọ̀ tó sọnù, déètì àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, àti nọ́ńbà àwòrán tó jẹ́ ẹ̀rí ti tó.

Bí wọ́n bá ti tún un ṣe, ẹ ka tuntun nìkan, ṣùgbọ́n ẹ pa àwòrán àtijọ́ mọ́. Rífíù kan ṣoṣo ni oníbàárà lè ní lórí Google Play fún áàpù kan, bó bá sì tún un kọ, déètì àtúnkọ ló ń hàn. Láìsí àwòrán àtijọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé oníràwọ̀ mẹ́rin tuntun yẹn ni oníràwọ̀ kan àná. SII tó bá ṣì wọlé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó nínú Play Console bóyá nọ́ńbà tuntun ló wà lórí fóònù ẹni náà, torí ó lè jẹ́ pé kò tíì gbà á.