Ta Ló Ń Dé Fìlà Dọ̀bálẹ̀?

Ìgbéyàwó àbúrò mi la ṣe lánàá ní Ṣàgámù. Mo ti lọ pa irun mi láró aláwọ̀ góòlù kó tó dọjọ́ náà. Búlíìṣì àkọ́kọ́ sọ ọ́ di àwọ̀ ọsàn, ni onígbàjámọ̀ bá tún kun òmíràn lé e. Awọ orí mi ń ta mí bí ẹni fi ata pa á!

Mo dé fìlà lọ. Àmọ́ ta ló ń dé fìlà dọ̀bálẹ̀ fún àgbà? Bí mo ṣe ṣí i báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fọwọ́ ra irun náà, wọ́n wá yẹ ìka wọn wò bóyá ó ń yọ àwọ̀.

"Ta ló lorí yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kọ́ o. Tèmi dúdú!"

Ìyá àgbà ní tiwọn kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?